Ìdánwò ìgbaniṣíṣẹ́ alápá mẹ́ta: ibo ni èèyàn ti ń sinmi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí mo ti parí àgùnbánirọ̀, mo ti ṣe ìdánwò ìgbaniṣíṣẹ́ mẹ́rin lórí kọ̀ǹpútà. Ara mi máa ń yá nídìí ìṣirò, àmọ́ kí n tó dé apá kẹta, orí mi á ti gbóná, màá kàn máa tẹ ohun tí ọwọ́ mi bá bà. Ṣé kí n máa fọwọ́ rọra mú apá àkọ́kọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò mi. Apá kọ̀ọ̀kan ló ní aago tirẹ̀. Ìṣẹ́jú tó bá ṣẹ́ kù nídìí ìṣirò kò ní bá ọ dé ìdí ọ̀rọ̀ kíkà, ibẹ̀ ló máa ṣòfò sí.

Ìbéèrè olórí kunkun méjì mẹ́ta tó o bá wọ̀dìmú ló ń tán ọ lókun. Ká ní wọ́n fún ọ ní ìbéèrè 18 ní ìṣẹ́jú 25. Má pín in lọ́gbọọgba. Ìbéèrè bíi mẹ́ta sábà máa ń jáde látinú tábìlì kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ máa pẹ́ torí pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka tábìlì náà ni, ìyókù á yá. Torí náà, wo aago lẹ́ẹ̀mejì péré: ní ìṣẹ́jú 8, kó o ti ṣe 6, ní ìṣẹ́jú 16, kó o ti ṣe 12. Èyí tó bá ti gbà tó ìṣẹ́jú méjì, mú ìdáhùn tó sún mọ́ ọn jù, kó o kọjá. (Kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ń yọ máàkì fún àṣìṣe o, wọ́n máa ń sọ ọ́ tí wọ́n bá ń yọ ọ́.)

Wo èyí: ọjà tí wọ́n tà kúrò ní 412, ó di 498. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló fi lé? Ìdáhùn tó wà níbẹ̀ ni 17, 21, 26 àti 30. Ó fi 86 lé. Ìdá 10 nínú 412 jẹ́ nǹkan bíi 41, ìdá 20 jẹ́ 82. Ó ju 20 lọ díẹ̀, 21 nìyẹn. O ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò.

Ojú ìwé ìtọ́ni tó ṣáájú apá kọ̀ọ̀kan ni kó o ti sinmi. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò wọ̀nyí, aago kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ àfi tó o bá tẹ `Start`, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìbéèrè ìdánrawò. Gbé ojú kúrò lójú kọ̀ǹpútà, mu omi, na ẹsẹ̀. Mo máa ń rí àwọn tó ń sáré tẹ̀ ẹ́ torí pé ara wọn ṣì gbóná. Ó máa ń dùn mí, torí ìsinmi ọ̀fẹ́ ni wọ́n jù nù.

Tó o bá dé ìdí ọ̀rọ̀ kíkà, ìgbésẹ̀ á yí padà. Níbi tí ìbéèrè bá ti jẹ́ 30 ní ìṣẹ́jú 19, ìṣẹ́jú-àáyá 38 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ka gbólóhùn tí wọ́n fẹ́ kó o dá lẹ́jọ́ kó o tó ka àyọkà, ìyẹn ni wà á mọ ohun tó ò ń wá níbẹ̀.