Bí a ṣe ń mú kí sọbútáítù rọrùn láti kà lórí VLC: fọ́ǹtì, ìlà etí àti àpótí ẹ̀yìn

Agbádá funfun pọ̀ nínú àwọn fíìmù Hausa tí wọ́n ń ṣe ní Kánò, oòrùn sì máa ń mú kí ògiri àti iyẹ̀pẹ̀ ìta mọ́lẹ̀ yòò. Bí ọ̀rọ̀ sọbútáítù funfun bá jáde lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ojú kì í rí ibi tí lẹ́tà ti parí tí aṣọ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé kíkéré lẹ́tà ló fà á, wọ́n á sì sọ ọ́ di ńlá, ṣùgbọ́n lẹ́tà funfun tó tóbi lórí aṣọ funfun kò sàn ju kékeré lọ. Àìsí ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ lẹ́tà àti àwọ̀ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ìṣòro náà gan-an, ohun mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń tún un ṣe nínú ètò ìwofídíò bíi VLC: fọ́ǹtì tó ń pinnu ìrísí lẹ́tà, ìlà tó yí etí lẹ́tà ká, àti àpótí tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ní Kubwa, ní Àbújá, ṣe àpẹẹrẹ. Màmá ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun. Kò gbọ́ Hausa, kò sì ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Bíbélì àti ìwé orin ti jẹ́ kó mọ Yorùbá kà dáadáa. Fíìmù Hausa tí gbogbo ilé fẹ́ràn ní sọbútáítù Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì jókòó tẹ ti Yorùbá sínú fáìlì kan. Ó so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ṣí fíìmù náà pẹ̀lú VLC. Màmá jókòó sórí àga tó jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n tó mítà mẹ́ta, ó fún ojú pọ̀ díẹ̀, ó ní, “Mo ń rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, mi ò kàn lè kà á ni.”

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó yẹ kó mọ irú sọbútáítù tó wà níwájú rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé tún ṣe. Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú fíìmù yìí ti di ara àwòrán. Àwọn tó ṣe fíìmù ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pátápátá, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ọ̀dà kọ̀wé sára ògiri. Kò sí ètò ìwofídíò tó lè pa fọ́ǹtì rẹ̀ dà tàbí kó yọ ọ́ kúrò. Bí a ṣe ń dá a mọ̀ ni pé, bí wọ́n bá lọ sí `Subtitle`, tí wọ́n yan `Disable` lábẹ́ `Sub Track`, ọ̀rọ̀ náà á ṣì wà níbẹ̀. Àwọn sọbútáítù ti DVD àti Blu-ray náà sábà máa ń jẹ́ àwòrán kéékèèké. Wọ́n ṣeé pa, ṣùgbọ́n wọn ò ní fọ́ǹtì tí a lè pààrọ̀. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.ass` ní tirẹ̀ máa ń gbé fọ́ǹtì, àwọ̀ àti ìlà etí tirẹ̀ wá, ohun tí a bá sì yàn nínú VLC kì í kàn án.

Èyí tó gba àtúnṣe dáadáa ni `.srt`, irú èyí tí ọmọ Màmá tẹ̀. Bó ṣe rí nínú fáìlì nìyí:

```
12
00:03:41,200 --> 00:03:44,000
Ọ̀gá, ẹ má bínú,
ọkọ̀ ọ̀hún ti lọ.
```

Nọ́ńbà, àkókò tí ọ̀rọ̀ yóò jáde àti àkókò tí yóò wọlé, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ibi kankan tó ti sọ fọ́ǹtì tàbí àwọ̀, nítorí náà VLC ló ń pinnu bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí lójú. Ìpinnu yẹn wà ní `Tools`, lábẹ́ `Preferences`, ní abala `Subtitles / OSD`. Ẹni tó bá tẹ `Ctrl+P` yóò tètè débẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan nǹkan tí wọ́n fẹ́, wọ́n á tẹ `Save`, wọ́n á dá fíìmù dúró, wọ́n á sì tún un ṣí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fo ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí, tí wọ́n á wá máa rò pé àtúnṣe wọn kò ṣiṣẹ́.

Fọ́ǹtì ló yẹ kó ṣáájú, pàápàá fún Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè púpọ̀ lọ́wọ́ fọ́ǹtì, ṣùgbọ́n lẹ́tà bí “ọ̀” jẹ́ nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: o, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn. Nínú kọ̀ǹpútà, o àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n àmì ohùn orí rẹ̀ máa ń dá dúró, fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé e lé. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n yóò ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kó gbé e ka orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Noto Sans àti Andika wà lára àwọn tó ń gbé àmì Yorùbá sí ààyè rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Wọn kò ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹsẹ̀ lẹ́tà bíi ti Times New Roman. Ìrù yẹn dára nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n láti mítà mẹ́ta, ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú lẹ́tà ló kọ́kọ́ ń pòórá.

Àṣìṣe kan wà tí wọ́n sábà máa ń dá fọ́ǹtì lẹ́bi fún. Bí àpótí kékeré òfìfo bá jáde níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà, òótọ́ ni, fọ́ǹtì kò ní lẹ́tà yẹn. Ṣùgbọ́n bí “ẹ” bá di “áº¹”, fọ́ǹtì kò jẹ̀bi; ńṣe ni VLC ń fi ìlànà mìíràn ka fáìlì tí wọ́n fi UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, kọ, àtúnṣe rẹ̀ sì wà ní `Default encoding` nínú abala kan náà, níbi tí wọ́n á ti yan `Universal (UTF-8)`. Bó bá jẹ́ àmì ìbéèrè ló gba ipò lẹ́tà, tí wọ́n sì ṣí fáìlì náà wò tí wọ́n bá àmì ìbéèrè yìí kan náà nínú rẹ̀, lẹ́tà ti sọnù láti ìgbà tí wọ́n ti fi fáìlì pamọ́ láìlo UTF-8 nìyẹn. Kò sí ohun tí VLC lè ṣe sí i. Àfi kí wọ́n tún un tẹ̀.

Ìlà etí ló tẹ̀ lé fọ́ǹtì. VLC máa ń kọ́kọ́ ya ìrísí lẹ́tà ní dúdú, ní fífẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, lẹ́yìn náà ló máa ń gbé lẹ́tà funfun lé e lórí, kí etí dúdú lè yọ yíká. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé, lórí àwòrán dúdú, funfun ló ń ṣiṣẹ́. Lórí àwòrán funfun, etí dúdú ló ń fi ìrísí lẹ́tà hàn. Ibikíbi tí fíìmù bá gbà, ọ̀kan nínú méjèèjì yóò dá yàtọ̀. Ní `Outline thickness`, `None`, `Thin`, `Normal` àti `Thick` wà níbẹ̀. Ó máa ń wu èèyàn láti yan èyí tó nípọn jù, ṣùgbọ́n àmì ohùn ni ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bí ìlà dúdú bá nípọn ju àmì funfun tó yí ká lọ, dúdú ni ojú yóò máa rí láti ọ̀nà jíjìn, “ọkọ̀” àti “ọkọ” á sì fẹ́ jọra. `Normal` ló sábà máa ń tó. Ẹni tó bá fẹ́ `Thick` gbọ́dọ̀ sọ lẹ́tà di ńlá pẹ̀lú, láti `Font size`.

Ìlà etí nìkan yóò ṣe ọ̀pọ̀ fíìmù. Ibi tó ti ń kùnà ni ibi tí àwòrán bá mọ́lẹ̀ tó tún rí wúruwùru: ọjà, èrò tó ń kọjá, aṣọ tí wọ́n fi òwú ṣe ọnà sí. Ojú á máa rí ìlà dúdú nínú ọnà aṣọ, á máa rí i ní etí lẹ́tà, kò sì ní mọ èyí tí yóò kà. Ibẹ̀ ni àpótí ẹ̀yìn ti wúlò. `Add a background` ló ń gbé e jáde, àpótí náà kì í sì í dúdú tán. Àwòrán máa ń hàn díẹ̀ nínú rẹ̀. Bó ṣe ki tó wà nínú àwọn ètò tó jinlẹ̀: wọ́n á yan `All` nísàlẹ̀ ojú ewé `Preferences`, wọ́n á gba `Video` dé `Subtitles / OSD`, wọ́n á sì ṣí `Text renderer`. `Background opacity` tó wà níbẹ̀ ń lọ láti 0, tí kò sí àpótí rárá, dé 255, tó ṣú pátápátá. Ìdajì rẹ̀, 128, tó fún ọ̀pọ̀ àwòrán. Bí àpótí bá ti wà, ìlà etí lè padà sí `Thin`, nítorí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

Ní Kubwa, 128 kò tó. Gẹ̀ẹ́sì tó ti lẹ̀ mọ́ fíìmù wà ní ibi kan náà tí Yorùbá ń jáde sí, ó sì ń yọ láti inú àpótí bí ìwé tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Ọmọ Màmá gbé e dé 255, Gẹ̀ẹ́sì sì bò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni: àpótí VLC kì í gùn ju ìlà ọ̀rọ̀ tó gbé lọ. Nígbà tí Yorùbá jẹ́ “Ó ti lọ,” tí Gẹ̀ẹ́sì abẹ́ rẹ̀ sì gùn, orí àti ìdí Gẹ̀ẹ́sì náà yọ síta lọ́tùn-ún àti lósì. Ó wá dá a padà sí 128, ó sì lọ sí `Force subtitle position`, tó ń fi píksẹ́lì gbé ọ̀rọ̀ sókè láti ìsàlẹ̀. Ó dán 60 wò, ẹsẹ̀ Yorùbá ṣì ń tẹ orí Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi í sí 110, àwọn méjèèjì sì yà fún ara wọn.

Ohun tó ná wọn ni pé àpótí náà ti ga dé àyà àwọn òṣèré, bí ẹnìkan bá sì jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, ó máa ń bo ọwọ́ rẹ̀. Màmá ní ìyẹn kò ṣe nǹkan, kí wọ́n ṣáà dá fíìmù padà síbi tí ọ̀gá ti ń bínú.