Kí gbogbo ọmọ ti jáde sí pápá, ìyẹn ò tíì parí ẹ̀ o

Ẹ bi tíṣà èyíkéyìí bí dírìlì iná tí wọ́n ṣe ní sùkúù wọn ṣe lọ, ìṣẹ́jú ló máa kọ́kọ́ kà fún yín. "Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré la fi jáde!" Inú ẹ̀ á sì dùn, kò burú, mi ò bá a jà, àmọ́ ìgbàgbọ́ kan wà nídìí ìdùnnú yẹn tó ń bà mí lẹ́rù gan-an, òun ni pé tí ilé bá ti ṣófo, tí àwọn ọmọ ti tò sí pápá, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Kò parí o. Àwọn ìbéèrè méjì tó le jù, orí pápá yẹn gangan ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: ta ni kò sí níbí? Àti pé, ṣé ibi tá a dúró sí yìí gan-an dáa?

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo rí ṣàlàyé èkíní. Sùkúù kan pè mí pé kí n wá wo dírìlì wọn, kíláàsì mẹ́sàn-án, ọmọ 286 ló wà nínú rẹ́jísítà, 15 ò wá lọ́jọ́ yẹn, ó ku 271. Wọ́n lu agogo, àwọn ọmọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ ó lé díẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti tò. Ọ̀gá sùkúù béèrè láti iwájú pé "ṣé gbogbo yín pé?", tíṣà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dáhùn pé "a pé mà", ọ̀rọ̀ tán, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé ẹ jọ̀ọ́, kí tíṣà kọ̀ọ̀kan pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan látinú rẹ́jísítà kí n fi gbọ́. Tíṣà mẹ́rin ló mú rẹ́jísítà jáde. Àwọn márùn-ún tó kù, tiwọn wà lórí tábìlì nínú kíláàsì, ìkan sọ pé tòun wà nínú kọ̀mpútà. Ká tó rí ìwé kó jọ, ká tó pe orúkọ tán, ọmọbìnrin kan ò sí. Kíláàsì rẹ̀ ní orúkọ 31, méjì ò wá sùkúù, ó yẹ kí 29 wà lórí pápá, 28 la rí. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn lábù ló wà. Kò gbọ́ agogo rárá, agogo ò dé ibẹ̀. Ìṣẹ́jú kọkànlá la tó mú un jáde, tó bá jẹ́ iná gidi ni, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìṣẹ́jú kọkànlá jẹ́.

Tíṣà yẹn ò parọ́ o, ẹ má bínú sí i. Ó wo ojú àwọn ọmọ, wọ́n pọ̀, ó jọ pé wọ́n pé. Bí ojú èèyàn ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ẹni tó wà níwájú rẹ lo máa rí, ẹni tí kò sí, kò ní ojú tó máa fi wò ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orúkọ la ń pè, a kì í bi ọmọ pé ṣé ẹ pé.

Tẹ́ ẹ bá wá ń kọ ètò yín sílẹ̀, ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, látẹ̀yìn wá síwájú, látorí pápá padà sínú kíláàsì. Kí la nílò lórí pápá? Orúkọ. Níbo ni orúkọ máa ti wá? Látinú ìwé, ìwé tó ṣeé fọwọ́ mú, torí iná mànàmáná lè lọ, kọ̀mpútà á sì kú pẹ̀lú ẹ̀. Ta ló máa mú ìwé yẹn? Tíṣà kíláàsì, tó máa so ó mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kì í ṣe inú dúrọ́ọ̀. Tí tíṣà fúnra rẹ̀ ò bá wá lónìí ńkọ́? Ẹni tó ń dúró fún un gbọ́dọ̀ rí i láìbéèrè, tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nígbà gbogbo á rí i. Akọ̀wé ọ́fíìsì ló ń mú ìwé àlejò àti ìwé àwọn tó pẹ́ dé tàbí tó tètè lọ sílé, torí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti wá mú lọ ní aago 11, ẹ lè wá a títí nínú èéfín nígbà tó ń sùn nílé.

Lẹ́yìn tíṣà kíláàsì, ẹni tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni ẹni tó ń yẹ ilé wò. Ọ̀pọ̀ sùkúù ni kò ní irú ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba apá ibi tí wọ́n pín fún un kọjá bó ṣe ń jáde lọ, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, yàrá aláìsàn, láíbìrì, lábù, ibi tí ọmọ kan ṣoṣo lè wà láìsí kíláàsì lẹ́yìn rẹ̀, kó ké, kó ṣílẹ̀kùn, kó tì í padà, kó máa lọ. Ẹ má fún ẹni tó ní kíláàsì lọ́wọ́ ní iṣẹ́ yìí, kò lè wà níbi méjì. Kò sì gbọ́dọ̀ rìn wọ inú èéfín, tó bá ti rí èéfín lójú ọ̀nà kó yí padà kó wá sọ pé "mi ò dé apá ọ̀tún òkè", gbólóhùn yẹn níye lórí gan-an fún pánápáná.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba ìròyìn lórí pápá. Tíṣà kọ̀ọ̀kan máa wá bá a sọ ọ̀kan nínú ohun méjì: "kíláàsì mi pé", tàbí orúkọ ọmọ tí kò sí pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn. Tíṣà tó bá dákẹ́, ẹ má kà á sí ẹni tó pé, ẹ rán èèyàn lọ béèrè. Tí ọmọ kan bá sọnù, kò sí tíṣà tó máa sáré padà wọlé. Mo mọ̀ pé èyí le, ọkàn ò ní gbà, mo ti rí tíṣà tó sunkún nígbà tá a ń jíròrò ẹ̀, àmọ́ ẹni tó padà wọlé ti di ẹni kejì tí wọ́n á máa wá. Ẹnì kan á dúró ní géètì de pánápáná, á sọ orúkọ ọmọ náà àti yàrá tó ṣeé ṣe kó wà, á mú wọn lọ síbi ẹnu ọ̀nà tó súnmọ́ ọn jù.

Ó ku ìbéèrè kejì, èyí tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ béèrè torí ó ti rẹ̀ wọ́n. Ṣé pápá yìí dáa?

Ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì ní Jàpáàn ní aago 2:46 ọ̀sán. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Okawa, ní ìlú Iṣinomaki, lẹ́bàá odò Kitakami, àwọn tíṣà ṣe ohun tí wọ́n ti fi kọ́ra. Wọ́n kó àwọn ọmọ jáde sí àgbàlá, wọ́n tò wọ́n, wọ́n kà wọ́n. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú la fi ń díwọ̀n, wọ́n yege. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dúró. Wọ́n dúró sí àgbàlá yẹn fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 40, òkè kan sì wà lẹ́yìn sùkúù. Ọ̀gá sùkúù ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí ìwé ètò wọn sọ nípa ibi kejì tí wọ́n lè lọ ni pé kí wọ́n lọ sí ilẹ̀ òfìfo tàbí páàkì tó wà nítòsí, kò dárúkọ ibì kankan, wọ́n wá ń jiyàn síbi tó yẹ kí wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa gbéra lọ síbi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, omi sùnámì ti gun odò dé, ní bí aago 3:37. Ọmọ 74 àti tíṣà 10 ló bá a lọ. Àwọn òbí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ gíga ti Sendai sì sọ ní 2018 pé àléébù náà ti wà kí ilẹ̀ tó mì rárá, nínú ìwé ètò tí wọn ò tún ṣe, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fi ẹjọ́ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2019.

Mo máa ń ka ìtàn yẹn fún àwọn tíṣà, torí ibi tó ti bà jẹ́ kì í ṣe ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, gbólóhùn kan nínú ìwé ni. "Ilẹ̀ òfìfo tàbí páàkì." Ẹni tó kọ ọ́ rò pé pápá ti tó.

Torí náà ibi méjì lẹ máa kọ. Ti àkọ́kọ́ nínú ọgbà, tó jìnnà sí ilé débi pé tí ògiri bá wó kò ní kan ọmọ, tí kò sí lábẹ́ wáyà iná, tí kò dí ọ̀nà tí ọkọ̀ pánápáná máa gbà wọlé. Ti kejì níta ọgbà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ẹ kọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà débẹ̀, ẹ bá ẹni tó ni ibẹ̀ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì mú àwọn ọmọ tó kéré jù rin ìrìn náà lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ mọ iye ìṣẹ́jú. Ẹ kọ ohun tó máa mú yín kúrò ní ibi àkọ́kọ́: èéfín ń fẹ́ wá síbi tá a wà, a ń gbóòórùn gáàsì, omi ń gòkè bọ̀, pánápáná ní ká kúrò. Ẹ sì kọ ẹni tó máa sọ pé "ó yá", ẹ kọ ẹni tó máa sọ ọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ ò bá sí, àti ẹnì kẹta, kí wọ́n sì mọ̀ pé wọn ò nílò láti pe ọ̀gá lórí fóònù kí wọ́n tó sọ ọ́.

Dírìlì tó ń dán gbogbo èyí wò kò lè dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Àkọ́kọ́ nínú ọdún, ẹ kéde ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rìn ín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké má bàa bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ba nǹkan jẹ́ fún ara yín, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kan, ẹ fi àga dí ẹnu ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà, kí ẹnì kan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú páálí tí wọ́n kọ INÁ sí. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lu agogo nígbà ìsinmi, nígbà tí kò sí ọmọ tó wà pẹ̀lú tíṣà rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, kí ọ̀gá sùkúù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kó má sọ nǹkan kan, ká wo ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà. Ẹ sì fi tíṣà àgbà kan pẹ̀lú ọmọ kan tó ti gbà bẹ́ẹ̀ pa mọ́ sí láíbìrì, ká wo ìgbà tí orúkọ ọmọ yẹn máa dé etí ẹni tó ń gba ìròyìn. Ẹ kọ aago méjì sílẹ̀: ìgbà tí ẹni ìkẹyìn jáde, àti ìgbà tí ẹ mọ ẹni tí kò sí. Aago kejì yẹn lẹ fẹ́ kó kéré sí i ní dírìlì tó ń bọ̀.

Sùkúù tí mo sọ yẹn tún ṣe tiwọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ti gbé agogo kejì sẹ́yìn lábù, rẹ́jísítà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, a sì fi ọmọkùnrin kan pa mọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni ju èèyàn méjì lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ ni wọ́n fi jáde, ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, torí ẹni tó ń yẹ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ń ṣílẹ̀kùn ní tòótọ́. Àmọ́ kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́fà, tíṣà rẹ̀ ti dúró níwájú ọ̀gá sùkúù, ó di rẹ́jísítà mú, ó ń dárúkọ ọmọ náà, ó ní òun rán an lọ sí láíbìrì lọ gbé ìwé.