Dídá mọltikolíníárítì àti hẹtẹrosikẹdasítísì mọ̀ nínú àbájáde rigirẹ́ṣọ̀n

Mọltikolíníárítì ni kí àwọn ohun tí a fi ń ṣàlàyé máa bá ara wọn rìn; hẹtẹrosikẹdasítísì ni kí ìfọ́nká àṣìṣe má dọ́gba níbi gbogbo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń da ìṣòro méjèèjì yìí pọ̀ nínú ìjábọ̀ wọn, wọ́n á kàn kọ ọ́ pé àbájáde náà kò ṣeé gbára lé. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀kan ti ń ṣọṣẹ́ kọ́ ni èkejì ti ń ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo `mtcars`, àkọsílẹ̀ ọkọ̀ 32 láti inú ìwé ìròyìn Motor Trend ti ọdún 1974, tó wà nínú R, ká fi ṣàlàyé `mpg`, ìyẹn iye máìlì tí ọkọ̀ ń fi gálọ́ọ̀nù epo kan rìn:

```
summary(lm(mpg ~ disp + hp + wt, data = mtcars))
```

Bí `disp`, ìyẹn ìtóbi ẹ́ńjìnnì, bá dá wà, iye t rẹ̀ jẹ́ -8.75. Nígbà tí agbára ẹ́ńjìnnì (`hp`) àti ìwúwo ọkọ̀ (`wt`) bá wọlé, t yẹn já sí -0.09, bẹ́ẹ̀ R² ti gòkè láti 0.72 dé 0.83. Ohun méjì ló fa èyí: `disp` ti ń ru ẹrù tó jẹ́ ti ìwúwo tẹ́lẹ̀, àti pé `Std. Error` rẹ̀ kúrò ní 0.0047, ó di 0.0104. VIF rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń bá àwọn yòókù rìn tó, jẹ́ 7.3, èyí tó fi hàn pé `Std. Error` náà tó ìlọ́po 2.7 ohun tí ì bá jẹ́ ká ní `disp` kò bá àwọn yòókù rìn. Ọkọ̀ tó wúwo ló sábà máa ń ní ẹ́ńjìnnì ńlá. Ibẹ̀ ni mọltikolíníárítì ti wá. Síbẹ̀, `Std. Error` tó tóbi yìí kò parọ́. Nítorí náà, kí ìjábọ̀ má ṣe sọ pé ìtóbi ẹ́ńjìnnì kò já mọ́ nǹkan. Ohun tó tọ́ láti kọ ni pé ọkọ̀ 32 yìí kò tó láti ya ipa rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìwúwo àti agbára.

Ní ti hẹtẹrosikẹdasítísì, `Std. Error` gan-an ló ń parọ́. Nínú `cars`, tó ní ìwọ̀n 50 nípa eré ọkọ̀ àti ọ̀nà tó rìn kó tó dúró ní àwọn ọdún 1920, kóẹfíṣẹ́ǹtì eré jẹ́ 3.93, `Std. Error` rẹ̀ sì jẹ́ 0.416. Bí a bá ya àwòrán ìyókù, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn gan-an àti èyí tí ìlà sọ, àwọn àmì sún mọ́ òdo níbi tí eré kò ti pọ̀, wọ́n sì ń fẹ̀ bí ẹnu àrọ bí eré ṣe ń pọ̀ sí i. Ìdánwò Breusch-Pagan ti àtètèkọ́ṣe, tó ń wá irú àìdọ́gba yìí, fún wa ní p 0.031, àmọ́ `bptest` inú `lmtest`, tó ń lo èyí tí wọ́n tún ṣe, fún wa ní 0.073. Ó yẹ kí ìjábọ̀ dárúkọ èyí tí a lò, kó sì fi àwòrán tì í lẹ́yìn.

Àìdọ́gba yìí nìkan kò yí 3.93 sí apá kan. Ṣùgbọ́n a ṣírò 0.416 bí ẹni pé ìfọ́nká dọ́gba níbi gbogbo, nítorí náà t àti p tó ti ara rẹ̀ jáde kò dájú. `vcovHC` inú `sandwich` lè tún `Std. Error` ṣe, ṣùgbọ́n kò lè tún ìlà tí kò bá ọ̀rọ̀ mu ṣe. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń rìn lẹ́yìn tí a bá tẹ bíréèkì sì ń pọ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí eré ní ìlọ́po ara rẹ̀, nítorí náà ó yẹ ká kọ́kọ́ fi `I(speed^2)` kún un, ká tún wo àwòrán náà, ká tó pe ohun tó kù ní hẹtẹrosikẹdasítísì.