Àyà Tó Déédé Ya: Kí Ló Dé Tó Fi Di Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Abẹ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún 52, ń kó iṣu sọ́kọ̀ ní Kábbà ni ìrora bá gbá a láyà lójijì. Ó ní bí ìgbà téèyàn fa aṣọ ya ni, ó sì bọ́ sí àárín ẹ̀yìn. A pè é ní ọgbẹ́ inú. Ní Lọ́kọ́jà, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 180 ní apá òsì, 120 ní apá ọ̀tún. Wọ́n fa oògùn sí i lára, wọ́n ní iṣan ńlá ló ya nítòsí ọkàn, ká gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ kíákíá. Ṣé oògùn ò ràn án ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn o. Oògùn nìkan kò tó fún èyí tó ya nítòsí ọkàn.

Iṣan tí wọ́n ń pè ní aọ́tà ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn. Ó gòkè, ó tẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá eegun ẹ̀yìn. Ìpele mẹ́ta ni ara rẹ̀. Bí ti inú bá ya, ẹ̀jẹ̀ á gba ibẹ̀ wọ àárín ìpele, gbogbo ìgbà tí ọkàn bá sì lù, á tún máa là á síwájú. Ìdí nìyẹn tí ìrora fi ṣí láti àyà lọ sẹ́yìn. Ọ̀nà èké tí ẹ̀jẹ̀ là sáàárín ìpele yẹn lè tẹ iṣan tó lọ sí apá kan pa. Bí ìfúnpá apá méjèèjì bá fi ju 20 lọ jura wọn, ó yẹ kí ara fu dókítà. Ti ẹ̀gbọ́n yín fi 60 jura.

Ìrora ọgbẹ́ inú sábà máa ń rọra bẹ̀rẹ̀ ni. Ti aọ́tà tó ya a máa le jù láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Wọ́n tún lè ṣì í mú fún ìkọlù ọkàn, èyí ló sì bà mí lẹ́rù jù, torí oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì lè pa ẹni tí aọ́tà rẹ̀ ya. Àyẹ̀wò tó ń ka lílù ọkàn lè má fi nǹkan kan hàn. Àwòrán sìtí síkáànù pẹ̀lú oje tí wọ́n fà sí iṣan ló ń fi í hàn kedere.

Nítòsí ọkàn, ẹ̀jẹ̀ lè tú sínú àpò tó yí ọkàn ká kó sì fún un pa, tàbí kó dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ. Láàárín wákàtí 48 àkọ́kọ́, láìsí iṣẹ́ abẹ, nǹkan bí ẹnì kan sí méjì nínú 100 ló ń kú ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Oníṣẹ́ abẹ á gé ibi tó ya, á sì rán ọ̀pá aláṣọ rọ́pò rẹ̀. Oògùn tí wọ́n fà sí i lára ní Lọ́kọ́jà wà láti fa ìfúnpá wálẹ̀ sí àárín 100 sí 120, kí ọkàn sì máa lù ní 60 tàbí kó dín, títí tí wọ́n á fi dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Bó bá jẹ́ apá tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ló ya, oògùn yẹn sábà máa ń tó, àfi tí ẹ̀yà ara kan kò bá rí ẹ̀jẹ̀ mọ́ tàbí tí iṣan bá fẹ́ bẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọ̀gá okùnfà rẹ̀, pàápàá ti àwọn tó ń já oògùn sílẹ̀ nígbà tí ara bá ti yá. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, sìgá àti kokéènì náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a bí pẹ̀lú ara tí kò le, tí wọ́n ga fíofío, tí ìka wọn sì gùn. Ó tún ń rìn nínú ìdílé, nítorí náà kí ẹ̀yin àbúrò àtàwọn ọmọ rẹ̀ lọ wọn ìfúnpá yín, kẹ́ ẹ sì bi dókítà bóyá ó yẹ kó ya àwòrán aọ́tà yín.