Ojúlówó tàbí ayédèrú: ohun tí lébẹ́ẹ̀lì, bọ́ọ̀dù àti òrùka àárín díìsì ń sọ

Ká mú káàtíríìjì géèmù kan ṣoṣo: Pokémon Emerald, tí wọ́n ṣe fún Game Boy Advance, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé ti Nintendo. Ó jáde ní Japan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, ó sì dé Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún ọdún 2005. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń wá a kiri, ayédèrú rẹ̀ sì kún inú ọjà. Ayédèrú wọ̀nyí máa ń tan iná, wọ́n máa ń ṣiṣẹ́, orúkọ Nintendo sì máa ń jáde lójú ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Nítorí náà, pé géèmù kan ń ṣiṣẹ́ kò túmọ̀ sí pé ojúlówó ni.

Ibi tí àṣírí ti ń tú ni pé ẹni tó ń ṣe ayédèrú kò ní àwòrán ìpìlẹ̀ tí ilé iṣẹ́ fi tẹ lébẹ́ẹ̀lì, kò sì ní ṣíìpù tí wọ́n dìídì ṣe fún géèmù náà. Ohun tó ti parí nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ara ìyẹn ló sì ti ń wo àdàkọ rẹ̀. Ojú lásán lè má rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí nǹkan gbà di ohun tó dà máa ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀.

Lébẹ́ẹ̀lì ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá ni ilé iṣẹ́ fi ń tẹ̀ ẹ́, yíǹkì mẹ́rin, ìyẹn búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, ni wọ́n sì ń lò fún àwòrán inú rẹ̀. Bí a bá fi awò tí ń sọ nǹkan di ńlá wo àwòrán náà, ẹ̀kán-ẹ̀kán yíǹkì la ó rí, tí wọ́n tò létòlétò. Ọ̀rọ̀ àwọn lẹ́tà kéékèèké yàtọ̀. Yíǹkì dúdú nìkan ni wọ́n sábà fi ń tẹ ìwọ̀nyí, láìfi ẹ̀kán kankan sí i, nítorí náà etí lẹ́tà máa ń gún régé, inú rẹ̀ á sì dúdú kìjikìji.

Ẹ̀rọ tó ń ya àdàkọ kò mọ lẹ́tà yàtọ̀ sí àwòrán. Gbogbo ohun tó bá rí ló kà sí àwòrán, nígbà tí wọ́n bá sì tún un tẹ̀, lẹ́tà pàápàá á di ẹ̀kán-ẹ̀kán. Etí rẹ̀ á rí jákujàku, àwọ̀ pupa tàbí búlúù á sì máa yọjú níbi tó yẹ kó jẹ́ dúdú nìkan. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi wo àwòrán ẹranko tó wà láàárín lébẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà tó kéré jù ló ń wò, pàápàá àmì ìdánimọ̀ géèmù, èyí tó jẹ́ `AGB-BPEE-USA` lára Emerald ti Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ pé fọ́tò nìkan la ní, ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ní kí olùtajà sún kámẹ́rà mọ́. Àwọ̀ kò tó gbé ẹjọ́ lé. Oòrùn máa ń ṣá lébẹ́ẹ̀lì ojúlówó, kámẹ́rà fóònù sì máa ń yí àwọ̀ padà bó ṣe wù ú.

Ohun kan tún wà lára lébẹ́ẹ̀lì tí yíǹkì kò sí nínú rẹ̀. Nílé iṣẹ́, wọ́n máa ń tẹ àmì kan wọ inú rẹ̀, èyí tó máa ń jẹ́ nọ́ńbà méjì, nígbà mìíràn pẹ̀lú lẹ́tà kan lẹ́yìn rẹ̀. Ńṣe ló máa ń jìn wọlé díẹ̀, a kì í sì í rí i àfi bí a bá dẹ káàtíríìjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ iná. Bí kò bá sí lára lébẹ́ẹ̀lì tó ṣì mọ́ tónítóní, ìfura ńlá ni. Ṣùgbọ́n bó bá wà, kò tíì parí ọ̀rọ̀, nítorí àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà ti gbọ́ nípa rẹ̀, àwọn kan sì ti ń tẹ tiwọn.

Bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí wọ́n jó ṣíìpù mọ́ nínú káàtíríìjì, ni ẹlẹ́rìí tó lágbára jù. Kí a tó tú káàtíríìjì rárá, a lè yọjú wo ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀. Lókè àwọn eyín aláwọ̀ wúrà tó ń wọ inú ẹ̀rọ, orúkọ Nintendo máa ń wà lára bọ́ọ̀dù. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, ọ̀ràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bí orúkọ náà bá wà, ó kù ká tú u. Skrúù tó de ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe èyí tí irin ìtúskrúù lásán lè tú. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, ó ní irin tirẹ̀.

Nínú Emerald ojúlówó, ṣíìpù ńlá kan wà tó gbé géèmù fúnra rẹ̀. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ géèmù sínú ṣíìpù yìí, kò sí ẹni tó lè pa á rẹ́ tàbí kọ nǹkan mìíràn sí i, àmì `AGB-BPEE` tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣíìpù kékeré mìíràn wà fún ìfipamọ́ géèmù, òmíràn wà fún aago, bátìrì CR1616 kan sì wà tó ń bọ́ aago náà. Nínú ayédèrú, a lè bá kókó dúdú kan tó dà bí ẹni pé wọ́n kán kólítà sórí bọ́ọ̀dù, tàbí ṣíìpù gbogbogbòò tí wọ́n ń rà lọ́jà, tí kò ní àmì géèmù kankan lára. Àmọ́ kí a má sáré dá kókó dúdú lẹ́bi níbi gbogbo o. Láyé NES, ẹ̀rọ géèmù Nintendo àtijọ́, Nintendo fúnra rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ sínú káàtíríìjì kan. Ti Emerald là ń sọ níhìn-ín.

Bátìrì yẹn gan-an ń tú àṣírí lọ́nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fọkàn sí. Nínú Emerald ojúlówó, aago nìkan ló ń jẹun lára bátìrì. Ṣíìpù tó ń pa géèmù mọ́ kò nílò iná láti rántí nǹkan. Nígbà tí bátìrì bá kú, ojú ẹ̀rọ á gbé ọ̀rọ̀ kan jáde:

```
The internal battery has run dry.
```

Lẹ́yìn náà géèmù á máa lọ, ìfipamọ́ á sì máa ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ayédèrú, bátìrì ló ń di ohun tí a fi pamọ́ mú, nítorí ṣíìpù olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n lò. Ọjọ́ tí bátìrì bá kú, gbogbo ohun tí a ti ṣe nínú géèmù bá a lọ. Nítorí náà, olùtajà tó bá sọ pé Emerald òun kì í pa géèmù mọ́ mọ́ nítorí bátìrì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kì í ṣe ojúlówó. Ẹ kíyè sí i pé Pokémon Red àti Gold tó ṣáájú kò rí bẹ́ẹ̀: lára ojúlówó tiwọn, bátìrì ló ń pa géèmù mọ́ lóòótọ́.

Ká wá fi àpẹẹrẹ kan gbé e yẹ̀ wò. Ká ní ẹnì kan fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́. Nínú èkíní, lébẹ́ẹ̀lì ń dán, ṣùgbọ́n lẹ́tà `AGB-BPEE-USA` rí jákujàku, kò sì sí nọ́ńbà tó jìn. Nínú èkejì, orúkọ Nintendo wà lókè eyín. Nínú ẹ̀kẹta, káàtíríìjì ti wà ní títú: ṣíìpù ńlá ní `AGB-BPEE` lára, bátìrì wà, nọ́ńbà `0511` sì wà lára ṣíìpù kan. Nọ́ńbà mẹ́rin báyìí sábà máa ń sọ ọdún àti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣíìpù, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2005. Ó bọ́ sí ìgbà tí Emerald ń múra àtidé Amẹ́ríkà. Ìdájọ́ tó tọ́ níbí ni pé bọ́ọ̀dù jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti yọ lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó sì ti lẹ òmíràn. Géèmù ni, kò sí àní-àní, àmọ́ iye tí a ń san fún odidi ojúlówó kò tọ́ sí i. Ká ní `1438` ni nọ́ńbà yẹn jẹ́ lára ṣíìpù tó gbé géèmù, ọdún 2014 ló ń tọ́ka sí, nígbà tí a ti pa Game Boy Advance tì tipẹ́. Ìyẹn kò ní àlàyé rere kankan.

Àléébù fọ́tò ni pé ó lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Kí olùtajà ya bọ́ọ̀dù pẹ̀lú bébà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó kọ orúkọ tirẹ̀ àti ọjọ́ sí, ó tó láti yanjú ìyẹn.

Díìsì kò ní bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ó ní òrùka àárín, níbi tí dígí rẹ̀ ti ń dán yí ihò ká. Díìsì PlayStation àkọ́kọ́ yẹ fún àpẹẹrẹ. Ilé iṣẹ́ kì í kọ díìsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ lésà ni wọ́n fi ń kọ ìpìlẹ̀ kan, wọ́n á fi ìpìlẹ̀ náà ṣe òǹtẹ̀ onírin, òǹtẹ̀ á sì wọ inú mọ́ọ̀dù tí wọ́n ń fi ike gbígbóná kún. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ń fi àmì méjì ti IFPI, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ilé iṣẹ́ orin, sí i. Ọ̀kan, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `IFPI L`, wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó kọ ìpìlẹ̀. Èkejì, `IFPI` pẹ̀lú nọ́ńbà tàbí lẹ́tà mẹ́rin, wà lára mọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, nítorí náà ike ló gbé e, ó sì sábà máa ń sún mọ́ ihò ju èkíní lọ. Nọ́ńbà iṣẹ́ tí wọ́n fún géèmù náà tún wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣàkójọ géèmù máa ń kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sílẹ̀, kí ẹni tó bá ní díìsì kan lè fi tirẹ̀ wé ti ojúlówó.

Díìsì tí ẹnì kan kọ nílé kò lè ní èyí. Bó bá ní nọ́ńbà kankan ní òrùka, ti ilé iṣẹ́ tó ṣe díìsì òfìfo ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń ní àwọ̀ ewé tàbí búlúù díẹ̀. Dúdú ẹ̀yìn díìsì PlayStation kò dáàbò bò ẹnikẹ́ni, nítorí díìsì òfìfo dúdú náà wà lọ́jà. Èyí tó ṣòro ni ayédèrú tí ilé iṣẹ́ kan fi òǹtẹ̀ ṣe. Ìyẹn á ní òrùka tó dán dáadáa. Àmọ́ àmì IFPI rẹ̀ lè má sí, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ti ha á kúrò lára mọ́ọ̀dù, tí ojú ibi tí wọ́n ha sì hàn gbangba lára ike.

Ààbò mìíràn wà tí ojú kò lè rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ díìsì PlayStation, ipa ọ̀nà tí lésà ń tọ̀ ń rìn wọ́gọwọ̀gọ, ìrìn yẹn sì ń sọ lẹ́tà mẹ́rin: `SCEI` fún Japan, `SCEA` fún Amẹ́ríkà, `SCEE` fún Yúróòpù. Ẹ̀rọ ìkọdíìsì ilé kò lè kọ ọ́, nítorí ipa ọ̀nà ti wà lára díìsì òfìfo kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jó ṣíìpù mọ́ inú PlayStation, kó lè máa dá ẹ̀rọ lóhùn bí ẹni pé lẹ́tà mẹ́rin náà wà. Ọ̀pọ̀ PlayStation tó wà ní Nàìjíríà nígbà náà ló ní ṣíìpù yìí, tó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìfojú kan díìsì ojúlówó rí. Bí a bá fẹ́ fi ẹ̀rọ dán díìsì wò, ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú ló wúlò. Bí ẹ̀rọ náà bá kọ̀ láti ka díìsì tó mọ́ tónítóní tó jẹ́ ti ilẹ̀ tirẹ̀, tó sì ń ka àwọn yòókù, a ó padà gbé òrùka àárín sábẹ́ iná.