TCPI 1.2 kì í ṣe "ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún péré"

TCPI ni iye iṣẹ́ tí náírà kọ̀ọ̀kan tó kù gbọ́dọ̀ ṣe kí owó iṣẹ́ kan má bàa kọjá ohun tí a ṣírò. Bí ìròyìn oṣù bá ti gbé TCPI 1.2 jáde, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ pé: "Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún péré la máa fi tẹra mọ́ṣẹ́ sí i, owó yìí á ká a." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú ni.

Ẹ mú ilé kan tí a ṣírò sí mílíọ̀nù 40 náírà: ìyẹn ni BAC. Iṣẹ́ tó ti parí níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 16 nínú ìṣirò yẹn, òun ni EV. Owó tó ti jáde lápò, AC, jẹ́ mílíọ̀nù 20.

```
TCPI = (BAC - EV) / (BAC - AC)
     = (40 - 16) / (40 - 20) = 1.2
```

Náírà kọ̀ọ̀kan tó kù gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ náírà kan àti ogún kọ́bọ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni pé wọ́n gbà pé orí 1 ni iṣẹ́ náà wà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ fi 20 pín 16, 0.8 ni: náírà kan ń ṣe iṣẹ́ ọgọ́rin kọ́bọ̀. Èyí ni CPI. Láti 80 kọ́bọ̀ dé 120, ìdajì ohun tí wọ́n ń ṣe bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi kún un, pẹ̀lú àwọn bíríkìlà kan náà àti símẹ́ńtì tí kò dínwó.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní páànù, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti wáyà kó mílíọ̀nù 12 nínú iṣẹ́ 24 tó kù, tí a sì ti bá àwọn tó ń tà wọ́n fẹnu kò sí iye yẹn gan-an. Kò sí ìtẹramọ́ṣẹ́ tó lè dín in kù. Mílíọ̀nù 8 ló wá ṣẹ́kù fún rírẹ́ ilé, títẹ́ táìsì àti kíkun ọ̀dà tí a ṣírò sí 12. Ìyẹn jẹ́ 1.5. Ẹni tó bá ní ó máa ṣeé ṣe, kó sọ ohun tí wọn yóò ṣe yàtọ̀ lórí táìsì.

Mi ò ní kò lè ṣeé ṣe láéláé. Bóyá omi tó kún inú ìpìlẹ̀ nìkan ló jẹ mílíọ̀nù 4 tó lé, tí CPI iṣẹ́ tó kù á sì jẹ́ 1. Síbẹ̀, 24 la ó ná sí i, àpapọ̀ rẹ̀ á sì di 44.

Ẹ ṣọ́ra fún TCPI tó bá ṣàdédé wálẹ̀. Bóyá wọ́n ti fi EAC, ìyẹn iye tí wọ́n fojú bù pé gbogbo iṣẹ́ náà yóò jẹ kó tó parí, rọ́pò BAC nísàlẹ̀ ni. EAC tí wọ́n bá fi BAC / CPI ṣírò jẹ́ 50 níhìn-ín, 24 / 30 á sì dá 0.8 padà: CPI àná náà ni, kò kan mílíọ̀nù 40 rárá. Bí owó tó jáde bá sì ti kọjá BAC, TCPI á bọ́ sísàlẹ̀ òdo, bíi -3, ẹni tó ń wá nọ́ńbà tí kò tó 1 á sì máa yọ̀, nígbà tí kò sí kọ́bọ̀ kankan mọ́ nínú owó náà.