Àfàfàséfètèpè: ìró p àti gb, àti bí a ṣe ń da wọ́n kọ láìṣì

Àfàfàséfètèpè ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè fún kọ́ńsónáǹtì tí a fi ibi méjì lẹ́nu pè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yìn ahọ́n á lọ lẹ̀ mọ́ àfàsé, ìyẹn ibi rírọ̀ tó wà lókè ẹnu lápá ẹ̀yìn, ètè méjèèjì náà á pàdé, atẹ́gùn á há sẹ́nu, ká tó wá tú u sílẹ̀. Yorùbá ní méjì tó jẹ́ àsénupè: gb tó jẹ́ akùnyùn, ìyẹn ni pé tán-án-ná ọ̀fun ń gbọ̀n tí a bá ń pè é, bíi ti gbà, àti èyí tí à ń kọ ní p, tó jẹ́ àìkùnyùn, bíi ti pa. Ẹni tó bá ń gbé Òṣogbo ò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ síbi tó jìnnà, torí ó wà nínú orúkọ ìlú, ó wà nínú Igbó Ọ̀ṣun, ó tún wà ní Ìrágbìjí tí kò jìnnà sí wa.

Ibi tí wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni lẹ́tà. P wa kì í ṣe p tàwọn Gẹ̀ẹ́sì rárá. Yorùbá ò ní p tí ètè nìkan ń pè, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà kan ṣoṣo fi tó wa lò, kódà ọ̀rọ̀ tí a yá bíi páìpù àti páànù, àfàfàséfètèpè la sọ ọ́ dà lẹ́nu wa. Igbo ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiwọn, torí méjèèjì ni wọ́n ní: pa lọ́dọ̀ wọn ni kéèyàn gbé nǹkan, kpa sì ni kéèyàn hun nǹkan, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ kp kí ọ̀rọ̀ méjèèjì má bàa dàrú. Ẹni tó bá wá ń ṣe àdàkọ fónẹ́tíìkì fún Yorùbá tó kàn kọ [pa] torí pé bẹ́ẹ̀ ló rí i nínú ìwé, ìró tí kò sí lédè wa ló kọ yẹn, ohun tó yẹ kó kọ ni [k͡pa].

Àwọn kan máa ń sọ pé ṣebí gb jẹ́ g àti b tó tẹ̀ lé ara wọn, kí ló dé tí a ń pè é ní ẹyọ kan? Ẹ wo bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ: lọ á di lílọ, pa á di pípa, gbá á di gbígbá. Kọ́ńsónáǹtì kan la máa ń ṣe àpètúnpè rẹ̀, gb sì wọlé lódindi, kò sẹ́ni tó máa sọ pé gígbá. Ohun kejì ni pé tí kọ́ńsónáǹtì méjì bá pàdé nínú ọ̀rọ̀ àyálò, fáwẹ́lì la máa ń fi là wọ́n, bó ṣe rí nínú búrẹ́dì, bíríkì àti gílásì, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tó ń fi fáwẹ́lì la gb, àfi àlejò tó ń pe Gbénga ní Gúbẹ́ńgà. Torí náà sílébù Òṣogbo ni Ò-ṣo-gbo, mẹ́ta péré. Mo ti rí káàdì ìpè ìyàwó tí wọ́n gé e sí "Òṣog-" ní ìparí ìlà tí "bo" wá bọ́ sí ìlà kejì, ìyẹn ò dáa tó, torí àárín kọ́ńsónáǹtì kan ni wọ́n gé yẹn.

Kí ló dé tí k fi máa ń ṣáájú p, tí g ń ṣáájú b? Kì í kàn ṣe àṣà lásán. Àfàsé máa ń tètè pa dé díẹ̀ ṣáájú ètè, ètè sì máa ń ṣí kẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà ni méjèèjì fi wà ní pípadé pọ̀. Téèyàn bá gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ tó ń pe àga, abà àti àgbà, tó wá ṣí i nínú Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yẹ ohùn wò, ó máa rí i pé bí fáwẹ́lì ṣe ń wọ inú gb sábà máa ń jọ ti àga, bó sì ṣe ń jáde jọ ti abà: F2, ìyẹn ìlà kejì nínú àwọn ìlà dúdú tó ń fi fáwẹ́lì hàn, á máa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn tí ètè bá ṣí. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ìpadé kan ṣoṣo ló máa wà láàárín fáwẹ́lì méjèèjì, kò ní gùn tó ti kọ́ńsónáǹtì méjì, kò sì ní sí ìtúsílẹ̀ kankan láàárín rẹ̀. Tí ìtúsílẹ̀ bá hàn níbẹ̀, á jẹ́ pé g àti b lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹni náà pè.

Nínú IPA, álífábẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé fi ń kọ ìró èdè, àmì tó ń so lẹ́tà méjì pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ tó gùn lé orí méjèèjì. Inú àtẹ kọ́ńsónáǹtì gan-an ò ní k͡p, àlàyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ló sọ pé ká fi àmì yìí so wọ́n tó bá pọn dandan. Ó lè wà lókè, ó lè wà nísàlẹ̀ bíi k͜p, ìtumọ̀ kan náà ni. Lórí kọ̀ǹpútà, àárín lẹ́tà méjèèjì la ti ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn wọn, ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi í:

```
k  U+006B
◌͡  U+0361
p  U+0070
```

Tí ẹ bá tẹ k àti p tán kí ẹ tó wá fi U+0361 sí i, orí p àti lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ni àmì náà máa gùn, ẹ á wá máa rí [kp͡a]. Tí ìtò yín bá tọ̀nà tí àmì náà ṣì ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ, fọ́ńtì lẹ bá wí, ẹ gbìyànjú Charis SIL tàbí Doulos SIL. Ẹ tún kíyè sí g: ɡ ti IPA (U+0261) àti g orí kíbọọ̀dù (U+0067) lè jọra lójú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò kà wọ́n sí ọ̀kan, tí ẹ bá pò wọ́n pọ̀ nínú fáìlì kan, ẹ máa wá ọ̀rọ̀ tì.

Ẹ jẹ́ ká wá da nǹkan kọ. Ìtàn ìlú wa sọ pé nígbà tí igi wó sínú odò, ohùn kan ké jáde pé oṣó igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi. Òṣogbo fúnra rẹ̀ ni [òʃōɡ͡bō], igbó ni [īɡ͡bó], gbogbo ìkòkò sì ni [ɡ͡bōɡ͡bō ìkòkò]. Ẹ rí i pé k inú ìkòkò ò gba àmì kankan, torí àfàsé nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àmì ohùn náà, orí fáwẹ́lì ló wà, kì í bá àmì ìsopọ̀ du àyè. Àwọn ìwé kan máa ń kọ /kp/ àti /gb/ láìso wọ́n, kò burú fún Yorùbá torí a ò ní kọ́ńsónáǹtì tó ń tẹ̀ léra wọn nínú sílébù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yàn án kó sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, kó má sì máa so ibí kó máa fi tọ̀hún sílẹ̀. [kᵖ] ò dúró fún un o, bẹ́ẹ̀ náà ni [kʷ], torí ìyẹn ń sọ pé k ni olórí iṣẹ́, ètè kàn ká róbótó tì í ni, kò pa dé.

Èyí táwọn tó mọ̀ ọ́n kọ pàápàá máa ń gbàgbé ni ń tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Lẹ́tà kan là ń kọ, àmọ́ ibi tí kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀ lé e bá ti ń wá lòun náà máa ń lọ: ó ń bọ̀ ni [ó ḿ bɔ̀], ó ń kà ni [ó ŋ́ kà], ó ń gbọ́ sì ni [ó ŋ͡ḿ ɡ͡bɔ́], torí àfàsé àti ètè ti pa dé pọ̀ kí gb tó dé. Ẹ lè fi ọwọ́ kan ètè yín kí ẹ sọ pé "ó ń kà", kí ẹ wá sọ pé "ó ń gbọ́": ti àkọ́kọ́ ètè á ṣí sílẹ̀, ti èkejì á ti pa dé láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ń yẹn.